Bí A Ṣe Gbé Máàkì Káàdì Mi Sókè

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ gààrí sí Ẹdúnàbọ̀n, báǹkì kọ̀ fún wa. Ó yà mí lẹ́nu, torí mo máa ń san owó káàdì ìyáwó mi lásìkò.

Obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀yáwó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. "Mọ́mì, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni báǹkì fàyè gbà lórí káàdì yín, ẹ sì ti ná a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyẹn ló fa máàkì yín wálẹ̀, èyí tí báǹkì fi ń mọ ẹni tó ṣeé yá lówó. Ó ń jọ pé owó ti wọ́n yín."

Inú bí ọkọ mi. "Ẹ ti káàdì náà pa!"

"Rárá, sà. Bí ẹ bá tì í, ààyè tí ẹ ní á dínkù. Ẹ san gbèsè náà wálẹ̀ kó má ju ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ, ṣáájú ọjọ́ tí sítétímẹ́ǹtì, ìwé tó ń fi gbèsè yín hàn lóṣooṣù, bá jáde. Iye tó wà níbẹ̀ la máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣírò máàkì."

A fi owó àjẹṣẹ́kù san án, n kò sì fọwọ́ kan káàdì náà mọ́. Lẹ́yìn tí sítétímẹ́ǹtì tuntun jáde, a dúró kí ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn, kí a tó tún kọ̀wé béèrè.

Máàkì mi ti gòkè! Wọ́n fún wa lówó náà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ lọ ẹ̀gẹ́, ọkọ mi jó yí i ká, èmi náà ò sì jókòó.