Ohun Tó Ń Jẹ Etí Inú Táyà Mi

Ọ̀nì ló jẹ ẹ́. Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi obìnrin lórí fóònù nìyẹn, nígbà tó bi mí pé kí ló dé tí táyà iwájú mọ́tò mi méjèèjì tún fi jẹ láàárín oṣù mélòó kan. Mo ní ọ̀nì kan ló ń ti inú ọ̀sà gòkè wá. Mo ní etí inú ló ń jẹ torí ojú ń tì í, kò fẹ́ kí aládùúgbò rí òun.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bàbá, ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ojú yín ò ríran dáadáa mọ́, kòtò lẹ ń kó sí. Tí ẹ ò bá rí nǹkan gidi sọ fún mi, mo ń bọ̀ ní Sátidé wá gba kọ́kọ́rọ́.”

Ẹni tó bá rò pé mọ́tò nìkan ló fẹ́ gbà kò mọ̀ mí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, fíríìjì nìkan ló ń dún nílé mi ní Ìbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wa mọ́tò lọ sí Ìyánà-Ìbà láràárọ̀, tí màá gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì mẹ́ta dé Òkokomáíkò lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọkọ̀ wọn ni pé kí wọ́n gbọ́ irọ́ mi. Mo sọ fún àwọn kan pé mo ti wa mọ́tò yìí gba orí omi dé Bàdágìrì, tí ẹja ń yà lọ́nà fún mi. Bóyá wọ́n gbà mí gbọ́, bóyá wọn ò gbà mí gbọ́, wọ́n ṣáà dá mi lóhùn.

Mo bá gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ oní-aláímẹ́ǹtì kan, àwọn tó máa ń mú kí táyà dúró tọ́, ní Òkokomáíkò. Mo ti múra láti di gbogbo ẹ̀bi ru fọkanáísà tó ta táyà fún mi. Ọkùnrin náà lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú táyà láti inú bọ̀ síta, ó ń dán. Ó nù ún láti ìta padà sínú, ó yára gbé ọwọ́ kúrò.

“Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án.”

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń họ ọwọ́ bí eyín ayùn.

“Tó bá jẹ́ pé orí táyà ló tẹ̀ sínú, etí inú náà ni ì bá jẹ, àmọ́ ì bá máa dán ni. Tiyín ń họ ọwọ́. Táyà méjèèjì kọjú síta níwájú, bí ẹsẹ̀ olówó tó ń rìn lọ sí báńkì. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ ń wọ́ wọn nílẹ̀ ni. Táyà ò lẹ́bi.” Ó wo abẹ́ mọ́tò. “Ta ló yí irin tó so táyà mọ́ sítíárìn yìí?”

Mo ní ọ̀nì ni.

“Ọ̀nì yẹn ní sípánà o.”

Mo bá jẹ́wọ́. Èmi ni mo pààrọ̀ irin náà, èmi náà ni mo fi okùn wọn àyè tó wà láàárín táyà méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn wọn, kí méjèèjì lè dọ́gba. Bí mo ṣe ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, táyà kan kò sì jẹ rí àfi lẹ́nu oṣù mélòó kan yìí.

“Okùn náà ń ṣiṣẹ́,” ló wí. “Ta ló bá yín di orí kejì okùn mú?”

Mo wo ilẹ̀. Ìyàwó mi ló máa ń dì í mú. Á jókòó sórí àpótí, á máa bú mi, á sì fà á le. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ìṣó kan orí kejì okùn mọ́ táyà. Okùn tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn táyà dẹ̀ láìjẹ́ pé mo rí i. Ó wá dà bíi pé ẹ̀yìn fẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ, mo sì ṣí iwájú títí ó fi bá irọ́ okùn mu.

“Kò sẹ́nì kankan,” ni mo wí.

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó gbé e kọ́ àwọn táyà, ó yí irin náà díẹ̀díẹ̀ títí iwájú fi tọ́. Ó ní kí n ra táyà méjì míì, torí èyí tó ti jẹ kò ní hù padà.

Mo pe ọmọ mi níbẹ̀. Mo lè pa irọ́ mìíràn, irọ́ ò wọ́n mi. Àmọ́ mo sọ fún un bí mo ṣe fi ìṣó di okùn.

“Màámi ló máa ń dì í mú.”

“Òun ni.”

“Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín dání. Ẹ kàn má wọ abẹ́ mọ́tò mọ́.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sanwó, mo sì jókòó ti oní-aláímẹ́ǹtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹja Bàdágìrì fún un. Ọkọ̀ míì wọlé kí n tó dé ìdajì.

“Bàbá, tiyín ti tán o,” ló wí, ó sì lóṣòó ti táyà onítọ̀hún.