Bàbá Sítọ́ọ̀ Dìde Lórí Àga

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Sítọ́ọ̀ ti fi ń ṣọ́ bébà, gọ́ọ̀mù àti íńkì ní ilé ìtẹ̀wé. Ohunkóhun tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní ìlà nínú ìwé: ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó gbà á, ìbuwọ́lùwé. Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ńlá pàápàá ní ojú ewé tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹ̀fọn bá fẹ́ wọlé síbẹ̀, Bàbá á ní kó kọ́kọ́ buwọ́lùwé ná.

Gbogbo obìnrin tó bá wá gba nǹkan, "ìyàwó mi" ló ń pè é. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á dákẹ́. Bàbá kò ka ti àwọn tó ń dákẹ́ sí.

Ó ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n pè é sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Obìnrin tó ń darí ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Òfin, nítorí ìwé òfin iṣẹ́ kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀sùn kan dé. Ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta. Ọmọbìnrin kan ní ẹ̀ka ìdìwé ló fi ọ̀gá ẹ̀ka náà sùn. Ṣé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yín ni ọ̀kan nínú wọn?"

"Rárá o. Ẹ-káàárọ̀-ẹ-káàsán lásán la jọ ń ṣe."

Wọ́n ka ẹ̀sùn náà. Ní àràárọ̀, ọ̀gá a máa sọ̀rọ̀ nípa ìbàdí ọmọbìnrin náà lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ kó yé ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọ̀gá ní kó wá kó bébà ní sítọ́ọ̀ ńlá, ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó tẹ̀ lé e wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ gbá a ní ìbàdí, ó ní bó bá gbọ́n, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ṣòro láti sọ dọ̀tun. Ọmọbìnrin náà já ara rẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìránwèé, níbi tí ariwo kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ rẹ̀ kò kúnjú ìwọ̀n. Ọmọbìnrin náà tún fi kún un pé ẹnì kan ń pe fóònù òun láìsọ̀rọ̀, òun sì fura sí ọ̀gá. Ìwé iṣẹ́ ọlọ́dún kan tó ní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó tán.

Bàbá ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: èèyàn mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ á sì máa dúró.

"Ṣé kò ní yá jù bí a bá pe àwọn méjèèjì, kí ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́, kí á sì gbé ọmọ náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn? Wákàtí kan ti tó."

"Bàbá, ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ gbé, ṣé òun lẹ ó lé kúrò nílé?" Ìyá Òfin ṣí ìwé rẹ̀. "Ọ̀gá ni kó lọ máa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì iwájú títí a ó fi parí, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní pípé. Kì í ṣe ìyà. A ò tíì mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Ohun tí a bá sì gbọ́ níhìn-ín, kó má dé ẹnu ọ̀nà."

Wọ́n gbọ́ ọmọbìnrin náà, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ kan tó mú wá láti jókòó tì í. Wọ́n fún ọ̀gá ní ẹ̀dà ẹ̀sùn, gbólóhùn kan kò yọ, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ márùn-ún láti múra èsì. Nígbà tó dé, òun náà mú ẹnì kan dání.

"Eré ni," ni ọ̀gá wí. "Níbí yìí, ta ni kì í bá obìnrin ṣeré? Bàbá tó jókòó yìí ńkọ́? Ìyàwó mélòó ló ní ní sítọ́ọ̀?"

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Bàbá gbé ìgò ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Kì í ṣe ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìkan là ń béèrè," ni Ìyá Òfin wí. "Ṣé ẹni tí ẹ ń bá ṣeré fẹ́ ẹ, ṣé ó sì sọ pé òun ò fẹ́? Sítọ́ọ̀ ńlá ńkọ́?"

"Mi ò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ka mi ni mo wà títí a fi ṣíwọ́."

Bàbá rántí pé kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ náà ní ojú ewé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sinmi díẹ̀, ó lọ ṣí ojú ewé kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ kejìlá. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀gá gbà á. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ó dá a padà. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìyẹn. Bàbá wá rántí ìyókù: ọmọbìnrin náà ti jáde ṣáájú, kò mú bébà kankan dání, ó ń gbọ̀n. Òun ti ké sí i pé, "Ìyàwó mi, ta ló lù ẹ́?" Òun sì rẹ́rìn-ín.

Ó dúró síbẹ̀. Bó bá dákẹ́, tó kàn sọ èrò rẹ̀ nígbà ìdájọ́, ọ̀rọ̀ á parí kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á wá ẹlòmíràn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ọmọ náà á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò tíì rí ojú ewé yìí, kò sì tíì fèsì sí i. Ọjà tí kò wọ ìwé, Bàbá kì í kà á mọ́ ọjà.

Ó gbé ìwé náà, ó padà wọlé, kò jókòó.

"Mo rí nǹkan lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jẹ́ ẹlẹ́rìí kò lè tún jẹ́ adájọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn sórí àga yìí."

"Ó máa ná wa ní ọ̀sẹ̀ kan o," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Mo ti ṣírò rẹ̀. Ọmọ náà ńkọ́?"

"A ó sún ọjọ́ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú títí ẹjọ́ á fi parí," ni Ìyá Òfin dáhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó buwọ́lù ú.

Bàbá jẹ́rìí, ó sì ní kí wọ́n kọ ohun tí òun fẹnu ara òun sọ lọ́jọ́ náà kún un. Lẹ́yìn èyí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Oníṣirò ilé iṣẹ́ ló jókòó sípò rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́ ọmọbìnrin náà àti ọ̀gá lójú rẹ̀. Wọ́n fi ojú ewé kọ́kọ́rọ́ han ọ̀gá. Ó ní òun gbàgbé, okùn ìdìwé lòun lọ kà. Obìnrin adìwé méjì, tí wọ́n gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní àwọn gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń wí pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́." Ìgbà mẹ́ta ṣáájú oṣù náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọmọbìnrin náà dára.

Lẹ́tà tó tẹ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ní ìdí nínú. Ti fóònù, kò sí ẹ̀rí tó tó, wọn kò gbé e lé ọ̀gá lórí. Ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ti sítọ́ọ̀ àti ti ẹ̀rọ ìránwèé, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rí àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n, ti ọmọbìnrin náà ló tẹ̀wọ̀n jù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn tún yẹ iṣẹ́ ọmọbìnrin náà wò.

Ohun tí Bàbá rí kò ju pé, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọbìnrin náà dé ojú fèrèsé pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ tuntun lọ́rùn.

"Ìyà..." Bàbá gbé e mì. Ó húkọ́. "Kí lo fẹ́ gbà?"

"Gọ́ọ̀mù méjì, Bàbá."

Ó ti ìwé sí i. Ọmọbìnrin náà kọ ọjọ́, ó kọ aago, ó buwọ́lùwé, ó wo inú sítọ́ọ̀.

"Bàbá, ẹ̀fọn kan wà lẹ́yìn yín o. Kò tíì buwọ́lùwé."

"Jẹ́ kó wá," ni Bàbá wí, ó sì yí ojú ewé sí ìlà tuntun.