Ìdúpẹ́ Tí Mo Gé Kúrò

Inú mi ṣì ń ru títí di òní. Ẹni tó bá ní kí n gbé e jù sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀ ni.

Ọ̀gá mi nígbà náà ń ta tíì ewé ní Ìkàrẹ́, èyí tí àwọn èèyàn ń mu fún ara ríro àti ẹsẹ̀ dídùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn oníbàárà. Bí ẹnì kan bá ní tíì náà ṣe òun lóore, màá gbé fóònù lọ bá a nílé, màá tọrọ àṣẹ, màá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, màá wá gé e kúrú kí rédíò lè gbé e. Ìṣẹ́jú kan péré là ń rà. Ẹ sọ fún mi, ta ni nínú àwọn èèyàn wa ló lè jẹ́rìí fún ìṣẹ́jú kan? Ìjẹ́rìí ṣọ́ọ̀ṣì la mọ̀. A ó kọ́kọ́ kí alàgbà, a ó kí ẹgbẹ́ akọrin, a ó sọ bí ọkọ ṣe kú àti bí òjò ṣe pa wá lọ́jọ́ ìsìnkú, kí a tó kan orí ọ̀rọ̀. Tí a bá wá sọ ọ́ tán, ìdúpẹ́ ló kù, láti orí Ọlọ́run títí dé orí ẹni tó gbé àga fún wa.

Mo ní òfin tèmi lórí iṣẹ́ náà. Mo lè yọ ìkíni. Mo lè yọ ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tèmi sí wọn lẹ́nu. Bí ìyá kan bá ní ẹsẹ̀ ń ta òun bí ata, bẹ́ẹ̀ náà ló máa jáde, kò ní di Yorùbá inú ìwé. Ará Ọ̀kà ni kó dún bí ará Ọ̀kà, ará Àjọwá bí ará Àjọwá. N kò sì gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wá síwájú kí ìtumọ̀ rẹ̀ wá yí padà. Èyí tó wá ṣe kókó jù lọ ni pé ẹni tó ni ohùn gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí tí mo ti gé, kó ní "bẹ́ẹ̀ ni," kó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Ìyá kan wà ní Ọ̀kà tó ń ta gààrí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó bá mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá lábẹ́ òrùlé ilé rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú kí n lè rí i pé kò wú mọ́. Mo gé ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, mo gé e, ó ku báyìí: "Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà kò wọ̀ mí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà mí láàmú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì yìí láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò pé oṣù méjì, ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà lọ sílẹ̀. Ẹ wò mí, mo ti ń dá lọ sọ́jà." Ó dùn létí. Ìyá náà ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Mo pè é kó lè gbọ́ ọ. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo tún pè é. Ọ̀gá mi ń yọjú sí mi lójú ilẹ̀kùn bí ẹni tí ilé ń jó: "Rédíò ń dúró! Ṣé nítorí ìyá onígààrí kan ni àkókò wa yóò fi fò wá?" Mo fi ránṣẹ́. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó fi agbára dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìyá Ọ̀kà bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé iṣẹ́ wa. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàbọ̀ mà. Ó ní kí n tẹ ohun tó ń jáde ní rédíò kí òun gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí.

"Ohùn mi nìyí," ó ní. "Ọ̀rọ̀ mi kọ́ nìyí."

Ó ní àna òun tó wà ní Epinmi, ìyá ọkọ ọmọ òun, gbọ́ ọ ní rédíò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá obìnrin náà jà pẹ́. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó ní bí tíì bá ṣe é fún àna òun, kí ni òun tún ń gbé oògùn họ́sípítù mì sí? Ó kó gbogbo oògùn náà dà nù. Ọmọ ìyá Ọ̀kà ló pe ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òyì ń kọ́ ìyá ọkọ òun, orí ń fọ́ ọ, àmọ́ kò gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. "Ìyá rẹ ló sọ ọ́" ni èsì tó ń fọ̀.

Mo wá ohùn tí a gbà ní odidi. A kì í pa á rẹ́. Mo fi etí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ títí mo fi dé ibi ìdúpẹ́. Ibẹ̀ ló wà. Láàárín ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó ní: "Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wa ní họ́sípítù, ẹni tó ń fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò láràárọ̀, tó ní bí mo bá pa á jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun á bá mi jà." Mo ti gé gbogbo ìdúpẹ́ sọnù láì fi etí sí i dáadáa, nítorí pé ìdúpẹ́ ni. Ìdúpẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ gé. Mo bínú sí ara mi débi tí mo fi fẹ́ gbá ara mi létí.

Mo gbé e tọ ọ̀gá mi lọ. Mo ní ká dá ìpolówó náà dúró kíákíá. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé irọ́ wà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ló wà níbẹ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde?"

"Èyí tó ti ẹnu rẹ̀ jáde tí kò sí níbẹ̀ ni mò ń sọ, sà."

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí," ó ní, "bó bá dénú rẹ̀, á di odidi."

Ẹ gbọ́ mi! Ó ń pòwe fún mi, obìnrin kan sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní Epinmi! Mo ní, "Sà, odidi tó dà nínú ìyá Epinmi ni pé kó da oògùn rẹ̀ nù." Ó ní ọjà ń lọ, kí n jẹ́ kí oṣù parí. Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Ìyá Ọ̀kà wà níta, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ."

Epinmi la kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni: ẹni tó jẹ́rìí ti dé fúnra rẹ̀, ohùn tí a gbà sì wà lọ́wọ́ mi. Àna náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó di gèlè mọ́rí pinpin nítorí ẹ̀fọ́rí. Ìyá Ọ̀kà kúnlẹ̀ kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù ú lọ. Ó ṣàlàyé. Mo tẹ ohùn náà fún un.

Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "Àna, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ sọ ní rédíò ni gbogbo ilẹ̀ Àkókó gbọ́. Èyí tí ẹ sọ ní kọ̀rọ̀ yìí, ta ló gbọ́ ọ? Mi ò mọ ẹni tó rán yín wá. Bóyá àwọn họ́sípítù ni. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́."

Ìyá Ọ̀kà fúnra rẹ̀ tó wà níbẹ̀, tó ń mí, ohùn tí mo gé fún rédíò ti jù ú lọ lójú àna rẹ̀. Inú bí mi títí omi fi bọ́ lójú mi.

A padà sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, a gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ tààrà. Ìyá Ọ̀kà dúró níwájú ọkùnrin tó ń gba ìpolówó, ó ní òun ló ni ohùn yẹn, òun kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ mọ́. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó ní àwọn yóò dá a dúró. Ó wá ní, tí ìyá bá ní nǹkan láti sọ, ó lè sọ ọ́ nígbà ìkéde, níbi tí wọ́n ti ń kéde òkú àti ẹrù tó sọnù. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan ni.

A gba ohùn ìyá sílẹ̀. Ẹ dákun, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án! Ó kí wọn, ó bẹ àna rẹ̀, ó sọ ti ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin rédíò náà na ọwọ́ sí i, ó ní, "Mà, ibi nọ́ọ̀sì yìí ti gùn jù, ká yọ ọ́."

Mo pariwo mọ́ ọn. "Ẹ yọ ìkíni! Ẹ yọ ọkọ! Ẹ yọ orúkọ tíì, ẹ yọ èmi náà! Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀sì!"

Mo jókòó, mo gé e fúnra mi. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ìyá gbọ́. Ó ní ká tún un tẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó di ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Èmi nìyí." Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni: "Èmi ìyá Ọ̀kà tí ẹ gbọ́ ohùn mi lórí tíì ewé. Wọn kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ tán. Mò ń mu tíì, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá pa á jẹ, òun á bá mi jà. Àna mi ní Epinmi, mo bẹ̀ yín, ẹ padà sí họ́sípítù."

Wọ́n gbé e jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn; bí ọ̀gá mi ṣe gbọ́ ọ, ó lé mi lẹ́nu iṣẹ́ láti orí fóònù. N kò tilẹ̀ gbọ́ ọ parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wà lọ́dọ̀ ìyá Ọ̀kà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àna rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ti gbé e lọ sí họ́sípítù, wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti bú u dáadáa. Wọ́n ti fún un ní oògùn mìíràn, ó sì ti lò ó. Ìyá Ọ̀kà bú sẹ́kún, ó ń yin Ọlọ́run. Ó wá na fóònù náà sí mi, ó ní àna òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Mo kí i. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ìṣẹ́jú kan péré náà ni ìpolówó ti ìṣáájú?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìṣẹ́jú kan gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì lánàá. Kí ló dé tí kò gbà á nígbà yẹn?"