Ìyá Ìbejì Fẹ́ Mọ Iye Bàtà Pupa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyàwó mi fún yín, bóyá inú tó ń bí mi á rọ̀. Bàtà ọmọdé ló ń tà, lórí fóònù. Bàtà náà dára, n kò ní purọ́. Páálí rẹ̀ kún pálọ̀ wa débi pé orí bàtà ọmọ ọdún mẹ́ta ni àlejò ń jókòó. Tí bàtà náà ò bá sì tà kí ilé-ìwé tó wọlé, ìyàwó mi á padà lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àǹtí rẹ̀, obìnrin tó máa ń wo èèyàn bí ẹni pé onítọ̀hún jí ẹran nínú ìkòkò ẹ̀. Ẹkún ló fi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́sí.

Kóòṣì kan tó ń kọ́ èèyàn ní ọjà títà ló gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, tó kọ́ ọ pé ọlọ́jà tó gbọ́n kì í dárúkọ owó. Ó wá fún un ní èsì mẹ́rin tí ó ti kọ sílẹ̀: ti iye ọjà, ti bí ọjà ṣe máa dé ilé oníbàárà, ti owó sísan, àti ti ìdúpẹ́. Ìyàwó mi tọ́jú wọn sínú fóònù. Tó bá ti tẹ àmì kan báyìí, odidi èsì á jáde, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìrònú. Oṣù ń lọ, ẹyọ bàtà kan ò tà.

“Dádì, ayé ò fẹ́ kí n là,” ló máa ń wí fún mi.

Èmi náà á ní, “Ayé wo ló ráyè bàtà ọmọdé?”

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, òun wà ní pálọ̀, èmi wà ní yàrá. Mo fi fóònù mi ṣí ojú ìwé tuntun lórí ìkànnì tó ti ń tajà, mo sọ ara mi di Ìyá Ìbejì. Mo kọ̀wé sí i pé: “Ẹ káàsán mà. Èló ni bàtà pupa yẹn?”

Kíá, èsì dé: “Ẹ kú ìfẹ́ wa, àyànfẹ́! Iye rẹ̀ wà ní ínbọ́ọ̀sì.”

Ínbọ́ọ̀sì náà, ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé síra ní ìkọ̀kọ̀, kọ́ ni mo wà yìí ni? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èsì kan náà tún dé, tòun ti àwòrán òdòdó ìdí ẹ̀.

Mo ní èló ni wọ́n ń gbà gbé e wá sílé. Ó ní ó dá lórí ibi tí mo bá wà. Mo dárúkọ àdúgbò àwa méjèèjì. Ó ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kàn sí wa.” Mo ní báwo ni mo ṣe máa sanwó. Háà! Nọ́ńbà àkáǹtì já lù mí: “Ẹ tètè san án báyìí, ORÚKỌ ONÍBÀÁRÀ, ọjà ti ń tán lọ!” Ibi tó yẹ kó kọ orúkọ mi sí, bí kóòṣì ṣe kọ ọ́ ló fi í sílẹ̀. Ọjà wo ló sì ń tán? Èmi tí mo fẹsẹ̀ kọ páálí láàárọ̀ kí n tó dé balùwẹ̀!

Mo kọ ọ́ pé: “Madam, ṣé kí n san owó tí n ò mọ iye ẹ̀ ni?”

Mo gbọ́ tó pòṣé ní pálọ̀. “Ẹ wo obìnrin yìí! Kò lówó lọ́wọ́, àfi wàhálà!” Ló bá búlọ́ọ̀kù mi, kí n má lè kọ̀wé sí i mọ́. Èmi ọkọ ẹ̀, tí mo ra dátà tó fi búlọ́ọ̀kù mi!

Mo bọ́ sí pálọ̀, mo na fóònù mi sí i. Èébú ti tò sílẹ̀ lẹ́nu mi. Ó kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ wá rẹ̀ wálẹ̀.

“Látọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀,” ló wí, “Ìyá Ìbejì nìkan ló dúró bá mi sọ̀rọ̀ tó báyìí.”

Omi bọ́ lójú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí, torí kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ṣe jáde.

A jọ jókòó tún èsì náà kọ. “Tí mo bá dárúkọ owó, wọ́n á sá,” ló ń wí. Mo ní ṣebí wọ́n ti sá náà. Níkẹyìn, ó gbà: “Ẹ káàsán. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni bàtà pupa. Ẹgbẹ̀rún kan la fi ń gbé e dé ilé yín láàárín ìlú, ọjọ́ kejì ló ń dé. Ẹ lè san án sí àkáǹtì, ẹ sì lè fún ẹni tó bá gbé e wá. Nọ́ńbà mélòó lọmọ yín ń wọ̀?”

Ó wá padà sídìí gbogbo àwọn tó ti béèrè rí, ó ń fi í ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù dún. Ó fò sókè, ó kà á sókè:

“Ẹ ṣé o, madam. Ìgbà tí mo béèrè, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn rírìn ni. Ó ti ń sáré báyìí. Bàtà yẹn ò lè wọ̀ ọ́ mọ́.”

Ìyàwó mi gbé fóònù lé itan. “Dádì, odidi ọmọ ló dàgbà níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí.”

Kò tẹ àmì kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀: “Ẹ má bínú, ìyá ọmọ. Ẹ bá mi fi rúlà wọn ẹsẹ̀ ẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò. Màá wá èyí tó máa bá a mu.”

Ó fi í ránṣẹ́. Ó wá tẹjú mọ́ fóònù, ó ń retí èsì.