Lẹ́tà Mi Lórí Ìbéèrè Àtijọ́, àti Àwọn Tó Ní Ó Ti Yé Wọn

Mi ò tíì rí ẹ̀dá tí ọgbọ́n àgbọ́njù ń dà láàmú bí akẹ́kọ̀ọ́ àkáǹtì tó wà ní ọdún àṣekágbá. Mo kọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yábàá, nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá ní kí ọmọ ilé rẹ lọ ra ata wá, ata ni yóò rà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ àkáǹtì tí o bá rán ní irú iṣẹ́ yẹn yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò máa ronú ohun tí ata dúró fún.

Nígbà náà, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí náírà gba ipò pọ́n-ùn. Ìdánwò àṣekágbá wọn kì í ṣe èmi ni mo ń ṣètò rẹ̀. Àwọn àgbà oníṣirò ní ibòmíràn ló ń kọ ọ́, wọn á dì í, wọn á lẹ̀ ẹ́ pa, ọjọ́ ìdánwò lèmi náà á tó fojú kàn án. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi kíláàsì mi.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbéèrè àtijọ́ ló bí mi nínú. Wọn á lọ ra ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé lẹ́bàá ọ̀nà, ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ ò tiẹ̀ fi orúkọ sí, bóyá nítorí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Wọn á wá há a sórí bíi sáàmù. Mo bá ọ̀kan nínú wọn tó fi odidi ọ̀sán sọ pọ́n-ùn di náírà nínú ìbéèrè kan, ó ń sọ owó kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì. Nígbà tó ṣe tán, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ jẹun. Ìbéèrè gan-an ńkọ́? Kò dáhùn rẹ̀ o. Ó ní òun ti kàwé tó lọ́jọ́ yẹn.

Ni mo bá kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, akọ̀wé wa tẹ̀ ẹ́, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, a sì lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri. Mo ní kí wọ́n pa ìwé ìdáhùn dé. Mo ní kí wọ́n gbé aago síwájú: bí wákàtí mẹ́ta bá jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún máàkì, ìbéèrè ogún máàkì kò gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì lọ, bí àkókò bá pé, kí wọ́n jù ú sílẹ̀, kí wọ́n bọ́ sí òmíràn. Mo ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán ni kí wọ́n ṣí ìdáhùn, kí wọ́n fi máàkì fún ara wọn láìṣojúsàájú, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ṣìnà sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì. Mo ní kí wọ́n fi pọ́n-ùn sílẹ̀ ní pọ́n-ùn, pé ọ̀nà ìṣirò là ń wá, kì í ṣe owó. Ìbéèrè owó orí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin ti yí padà láti ìgbà náà. Mo wá fi ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan: kí wọ́n ka ohun tí ìbéèrè ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìbéèrè tó máa jáde.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé mo fi àpẹẹrẹ kan sí i. Mo mú ìbéèrè àtijọ́ kan, ti àwọn méjì tó jọ ń ṣòwò tí wọ́n gba ẹnì kẹta mọ́ra. Òwò tó ti lórúkọ lọ́jà níye lórí ju ẹrù inú rẹ̀ lọ. Gúdúwìlì là ń pe iye orúkọ rere yẹn. Nínú ìbéèrè yẹn, wọ́n ní kí a ṣí àkáǹtì fún gúdúwìlì, kó sì wà nínú ìwé. Mo kọ ọ́ sí lẹ́tà pé bí ó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹni tó ń ṣètò ìdánwò lè yí ìlà kan ṣoṣo padà, kó ní gúdúwìlì ò gbọdọ̀ hàn nínú ìwé. Nígbà náà, ẹ máa fi sí owó àwọn méjì àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín èrè tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì yọ ọ́ lára owó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọn ó ṣe máa pín in báyìí. Mo ṣàlàyé é bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ibi tí wọ́n ti ń jẹun lábẹ́ igi kọjá, mo gbọ́ ohùn wọn. Lẹ́tà mi ni wọ́n tẹ́ síwájú. Wọn ò kà á o, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀! Ọ̀kan ń bi wọ́n pé nínú gbogbo iṣẹ́ àkáǹtì, kí ló dé tí olùkọ́ fi mú òwò àjọṣe. Òmíràn ní olùkọ́ kì í dédé sọ̀rọ̀. Ẹni tó wá fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà ni àgbà kíláàsì, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ó rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí," ó wí. "Tó bá dénú rẹ̀, á di odidi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí tirẹ̀ ló dùn mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń gbé ní Àgùdà pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "sà" ló ń pè mí, èmi náà á sì pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ọ́fíìsì rẹ̀ ló fún un láyè láti wá kàwé. Ó ti ṣe ìdánwò yìí rí, kò yege. Wọ́n ti sọ fún un pé èyí ni àṣemọ. Bó bá yege, yóò di ọ̀gá ní ẹ̀ka ìṣirò. Bí kò bá yege, yóò padà sórí àga rẹ̀ àtijọ́, lábẹ́ ọmọkùnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

"Sà," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ Ọ̀yìngbò, "mi ò lè pe ọmọ yẹn ní sà. Ẹnu mi ò ní gbà á."

Nítorí náà mo wọ kíláàsì. Mo ní: "Mi ò mọ ohun tó máa jáde. Àpẹẹrẹ ni mo fún yín. Odidi ọ̀rọ̀ ni mo sọ, kì í ṣe ààbọ̀. Ṣé ó yé yín?"

"Ó ti yé wa, sà!" Gbogbo wọn ló dáhùn, wọ́n ń fojú sọ̀rọ̀ síra wọn. Ẹ wo àwọn òpè wọ̀nyí! Bí mo ṣe ń sẹ́ tó ni wọ́n ń gbà á gbọ́ tó. Ọmọbìnrin tíṣà kan láti Súrùlérè nìkan ló ń gbé aago orí tábìlì wá sí kíláàsì, tó ń ṣe ìbéèrè kan tẹ̀lé òmíràn bí mo ṣe wí. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi í pé ṣé ó fẹ́ ta aago ni.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n sí ọ́fíìsì mi. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn ìbéèrè yòókù náà. Ẹ fi tèmi ṣe." Ó tẹrí ba. Ó ní: "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè sọ ọ́ síta."

Ọjọ́ ìdánwò dé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bí wọ́n ṣe ṣí ìwé ìbéèrè, ariwo ayọ̀ kan sọ, ẹnìkan gbá tábìlì, olùṣọ́ ìdánwò sì bú wọn. Ẹ̀gbọ́n bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn mi bà jẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ìwé náà lẹ́yìn ìdánwò, mo rí i: ìbéèrè kìíní, ọ̀ranyàn, òun ló ní máàkì jù, àwọn méjì tó gba ẹnì kẹta mọ́ra. Mo ka ìlà ìkẹyìn. Gúdúwìlì ò gbọdọ̀ hàn nínú ìwé.

Wọ́n jáde, wọ́n yí mi ká bí ìyàwó tuntun. "Sà, ẹ ṣé o! Olùkọ́ tòótọ́ ni yín!" Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ìyà ara wọn. Ọmọbìnrin aláago kọjá lára wọn, ó gba ilé lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló kù sẹ́yìn. Ó fẹ́ dì mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "gúdúwìlì yẹn, níbo lẹ fi sí?"

"Mo ṣí àkáǹtì fún un, sà. Mo gbé e dé bálánsì ṣíìtì, ìwé àkópọ̀ ohun ìní òwò náà, bó ṣe wà nínú ìwé ìdáhùn gẹ́lẹ́. Mo tún ìlà rẹ̀ fà lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ́."

"Àwọn ìbéèrè yòókù ńkọ́?"

"Àkókò ò tó mi lórí wọn, sà. Ṣùgbọ́n ti kìíní yẹn, mo gbà á!"

"Kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe?"

Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò nawọ́ gbà á.

"Ẹ̀yin ò ka lẹ́tà mi ni?"

Ìyẹn bí i nínú. Ó ní kò sí ẹni tó kà á tó òun. Ló bá na ara rẹ̀ dúró, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí, láti "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi" lọ, láìwo ìwé, kò fo àmì ìdánudúró kan. Ó ka ti aago, ó ka ti pọ́n-ùn. Ó dé ibi tí mo fi ìlà sí lábẹ́: kí ẹ ka ohun tí ìbéèrè ní kí ẹ ṣe kí ẹ tó... Ẹnu rẹ̀ dúró síbẹ̀. Mo ti múra láti sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i, àmọ́ ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí èsì jáde, tí ọmọbìnrin aláago àti ìba díẹ̀ yege, ọ̀rọ̀ owó orí mi gbé mi dé ọ́fíìsì Ẹ̀gbọ́n. Ó wà lórí àga rẹ̀ àtijọ́ nítòsí ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin kan jáde láti yàrá inú, ó ju fáìlì sórí tábìlì rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan, ó sì ti ń padà lọ. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró, ó kọjú sí ọmọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí, "ẹ tún un sọ. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ní kí n ṣe."