Sààrì Tó Hàn Lójú Ẹ̀rọ

Ta ni yóò kọ́ Bàbá Mutalib ní ààwẹ̀? Ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní Sabon Gari ni, kì í sì í jẹ gbèsè Ràmàdáánì. Nígbà tí ọsibítù ní kó má fi oúnjẹ tàbí omi kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru títí wọn ó fi yẹ inú tó ń ta á wò, ẹ̀rín ló rín: oṣù ààwẹ̀ kúkú ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n ní kí Gloria, ìyàwó ilé kan tó wá fún àyẹ̀wò kan náà, padà wá lọ́jọ́ mìíràn torí pé ó mu omi. Bàbá kọjú sí i lórí bẹ́ǹṣì: "Omi lásán! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀fun yín ló ń darí yín." Gloria sorí kọ́.

Wọ́n pe Bàbá wọlé. Hosea tó ń darí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú gbé oògùn funfun tó ki bí ẹfun fún un; Bàbá gbà á, ó ní oògùn kì í ba ààwẹ̀ aláìsàn jẹ́. Bí Bàbá ti ń gbé e mì ni Hosea ń wo oògùn náà lójú ẹ̀rọ, bó ṣe ń yọ̀ gba ọ̀fun sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kó tẹ́ bo inú ikùn geere, àwọn kókó kan ló ń ṣàn yí ká.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Mo gbààwẹ̀! Òkèlè tuwo tí mo fi ṣe sààrì nìkan ni, kílẹ̀ tó mọ́."

"Òun nìyí, sà. Ó ti bo ohun tí a fẹ́ rí. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bàbá ìbá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó fẹ́ yọ́ kọjá lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, àmọ́ Gloria tó ń retí ọkọ rẹ̀ ti rí i. Gloria kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi nítorí omi tí mo mu. Ẹ kú ààwẹ̀ o."