Òǹtẹ̀ Pupa Lẹ́yìn Káàdì Ọ̀gá Tíṣà

Ìyá Lẹ́ǹsì kì í kọ́kọ́ wo káàdì. Á fi aṣọ nu ọwọ́, á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á kọjú sí ògiri bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ, ìka rẹ̀ á wá máa rìn létí káàdì náà díẹ̀díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé, tó sì wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Káàdì aláwòrán ni mo ń tà, irú èyí tí tàgbà tèwe ń kó jọ, tí wọ́n fi ń díje, tí wọ́n sì ń bá ara wọn pààrọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé lásán ni, ilẹ̀kùn kò jìnnà sí i.

Ohun tí ìka rẹ̀ ń wá kò ṣòro láti sọ, mímọ̀ ọ́n ló ṣòro. Irin tí wọ́n fi ń gé káàdì nílé iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí etí rẹ̀ dán, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì rí bákan náà. Ayédèrú tí ẹnì kan jókòó sí yàrá gé á máa ha ìka, igun kan á sì yí ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Lẹ́ǹsì á tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn káàdì, nítorí káàdì tòótọ́ sábà máa ń ní ìpele dúdú kan láàrin tí kì í jẹ́ kí iná gbà á kọjá. Á wo lẹ́tà bóyá ó sanra jù tàbí ó jìnnà síra jù, á fi wé káàdì mìíràn tí wọ́n jọ jáde. Lẹ́ǹsì, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ló máa ń gbẹ̀yìn. Lábẹ́ rẹ̀, àwòrán tòótọ́ á di àmì tótòtó aláwọ̀ mẹ́rin tó to ara wọn yípo bí òdòdó, ṣùgbọ́n lẹ́tà dúdú kò ní ní àmì kankan nínú. Dúdú ni látòkè délẹ̀, torí wọ́n fún un ní àwo ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ẹni tó bá ya fọ́tò káàdì tó wá tún un tẹ̀, àtàwòrán àti lẹ́tà ni yóò jọ di tótòtó.

Èmi ni mo dá òǹtẹ̀ sílẹ̀. Bí Ìyá Lẹ́ǹsì bá ti sọ pé káàdì kì í ṣe tòótọ́, tí oníkáàdì sì gbà, a ó tẹ AYÉDÈRÚ pupa sẹ́yìn rẹ̀, kó má baà lọ tan ẹlòmíràn jẹ. Yíǹkì náà kì í parẹ́. Mo máa ń fi yangàn.

Ọ̀gá Tíṣà wá lọ́jọ́ Sátidé kan tí a ń díje. Wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ìfẹ̀yìntì kò sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló fún un ní káàdì tó mú dání nígbà tó fẹ̀yìn tì. Mẹkáníìkì ni àbúrò yìí, ilé Ọ̀gá Tíṣà ló sì ti dàgbà láti ọmọ ọdún méje.

"Ẹ bá mi wò ó, Ìyá Lẹ́ǹsì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà á o. Mo fẹ́ fi kọ́ ara ògiri ni."

Èrò ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Láti àárọ̀, ayédèrú mọ́kànlá ló ti kọjá lọ́wọ́ Ìyá Lẹ́ǹsì. Ìka rẹ̀ sọ fún un pé ìwé náà fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ kò sì dán tó. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, iná là á kọjá gbùà. Ó gbé káàdì sílẹ̀, kò fọwọ́ kan lẹ́ǹsì.

"Ẹ má bínú, sà. Ayédèrú ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọwọ́ mi kì í purọ́ fún mi, sà."

Bàbá náà na káàdì náà sí mi. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, nígbà náà." Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹnu àdúgbò la ti gbọ́. Ọ̀gá Tíṣà pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ síwájú gbogbo ẹbí, ó ní lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ tó jẹ nílé òun, ayédèrú ló fi san oore fún òun. Ọmọkùnrin náà ní òun ló fọwọ́ òun tú káàdì yẹn nínú páálí tí ilé iṣẹ́ dì. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ó dìde, kò sì tẹsẹ̀ wọ ilé náà mọ́ fún oṣù mẹ́jọ.

Oṣù kẹjọ yẹn ni obìnrin kan gbé páálí tí wọn ò tíì ṣí wá, ọ̀wọ́ káàdì kan náà pẹ̀lú ti Ọ̀gá Tíṣà. Ìṣojú wa ló ti ṣí i. Ìyá Lẹ́ǹsì fọwọ́ kan káàdì àkọ́kọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, iná là á kọjá. Ó wá mú lẹ́ǹsì, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó yí páálí náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ilé ìtẹ̀wé míì ni," ó sọ fún mi nígbà tí obìnrin náà lọ. "Méjì ni wọ́n pín iṣẹ́ yìí fún. Ìwé àwọn wọ̀nyí fẹ́lẹ́, ọ̀bẹ wọn ò sì mú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn dúdú dénú. Ti Ọ̀gá Tíṣà náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kó lọ. Mo ní ta ló máa mọ̀, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀bù wa ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

"A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì," ó ní. "Ṣùgbọ́n orí tèmi ló mì, ọrùn ọlọ́rùn ló kán." Ó ti ń wọ bàtà. Mo tẹ̀lé e.

Ìyàwó Ọ̀gá Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn. Abẹ́ ìwé iná mànàmáná nínú dúrọ́ọ̀ ni bàbá ti fa káàdì náà yọ. Ìyá Lẹ́ǹsì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé lẹ́ǹsì lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ pé kó fojú ara rẹ̀ rí i.

"Kò sí àmì kankan nínú lẹ́tà," Ọ̀gá Tíṣà sọ.

"Kò sí, sà. Tòótọ́ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò wò ó báyìí lọ́jọ́ yẹn?"

"Èrò pọ̀, sà, mo sì gbójú lé ọwọ́ mi. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó. "Ó sọ fún yín pé òun ló fọwọ́ òun tú u," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

Bàbá náà pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Ariwo irin ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, ohùn kan ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ọ̀gá Tíṣà tọ́ka sí Ìyá Lẹ́ǹsì. Ìyá Lẹ́ǹsì ló sún mọ́ fóònù, tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan lẹ́ǹsì tí kò fọwọ́ kàn. Ariwo irin dáwọ́ dúró.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí," ni ìyàwó Ọ̀gá Tíṣà dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ̀yin gbà mí gbọ́?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo àwa méjì. Kò sẹ́ni tó lè bá a dáhùn ìyẹn.

"Rárá," ó ní. "Mi ò gbà ọ́ gbọ́."

Ọmọkùnrin náà kò pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó ń wá ìborùn rẹ̀ kiri pẹ̀lú omi lójú.

"Má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ," ó ní. "Mò ń bọ̀ wá bá ọ."